Ibà Abẹ́rẹ́ àti Ọwọ́ Ìyá Yìnyín

Ẹni tó bá fẹ́ mọ àbúrò mi obìnrin, kó má wulẹ̀ wo ojú rẹ̀, kó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí pákó, orí ìka rẹ̀ pọ́n, ó sì tutù débi pé ẹni tí kò bá tíì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ rí á yára gba ọwọ́ tirẹ̀ padà. Ìyá Yìnyín ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹja dídì ló ń tà. Láàárọ̀ kùtù ni yóò ti wọ yàrá yìnyín, níbi tí wọ́n ń to páálí ẹja sí títí kan àjà. Yóò gbé páálí kan, yóò là á mọ́lẹ̀ kí àwọn ẹja tó ti gan mọ́ra wọn lè tú, èyí tó bá sì ṣoríkunkun, yóò fi irin yà á. A ra ìbọ̀wọ́ fún un títí ó fi sú wa. Ó ní ìbọ̀wọ́ kì í jẹ́ kí òun mọ ẹja tó ti ń rọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ṣì dì.

"Ọwọ́ mi ni ojú mi," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. "Ojú lè tan èèyàn jẹ. Ọwọ́ mi ò purọ́ fún mi rí."

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Télọ̀ ni mí, ẹnu ọ̀nà ilé tí gbogbo wa ń gbé ni mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi kalẹ̀ sí, kò sì sí ẹni tó lè wọlé tàbí kó jáde kí n má rí i. Sùúrù mi kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí n yáa tètè sọ ọ́. Yàrá èmi àti àbúrò mi kọjú síra, yàrá ọmọ rẹ̀ obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ló wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tíṣà ni ọmọ náà. Torí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni kò ṣe tíì padà sẹ́nu iṣẹ́. Alágbàfọ̀ ni ọkọ rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ ti ilé wa, ibẹ̀ ló ti ń fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná bá aṣọ aláṣọ jà láti àárọ̀ dalẹ́.

Àbúrò mi kì í kí èèyàn kó má fọwọ́ kàn án lọ́rùn. Bó o jí, á fọwọ́ kàn ọ́ lọ́rùn. Bó o ti ibi iṣẹ́ dé, á fọwọ́ kàn ọ́ lọ́rùn. "Ara rẹ gbóná o," lọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìyẹn á ní dandan kó o lo oògùn. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń sọ fún mi pé ara mi gbóná, mi ò sì tíì jinná. A fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀fẹ̀ títí ẹ̀fẹ̀ náà fi gbó mọ́ wa lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Kó tó di pé ó ń ta ẹja, ó bí ọmọkùnrin kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ara ọmọ náà gbóná. Àbúrò mi fọwọ́ kàn án, ó ní kò pọ̀, pé tílẹ̀ bá fi máa mọ́ á ti lọ sílẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ibà náà kò lọ. Ọmọ ló lọ. Láti ìgbà náà, kò sí ara ẹnì kankan tó gbóná níwọ̀nba lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Èmi tí mo máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń mu oògùn tó bá gbé fún mi.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin wá bímọ, ọkùnrin, ayé di tuntun fún un. "Ọkọ mi" ló ń pe ọmọ náà. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún: ọmọ náà kò gba ọwọ́ rẹ̀. Ẹlòmíì á gbé e, á máa rẹ́rìn-ín. Ìyá Yìnyín á kàn án, á ta kìjí, á figbe bọnu. A máa ń sọ pé ẹja ló ń gbóòórùn. Àbúrò mi á bá wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í kọjá eyín. Lọ́jọ́ kan ó wá jókòó tì mí níbi ẹ̀rọ, ó ń fi ìka yí bọ́tìnnì oníbàárà mi kiri.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yìí ò fẹ́ràn mi."

"Ọmọ tí ò tíì dá ọrùn ró? Kí ló mọ̀ nípa ìfẹ́?"

"Àbí nǹkan kan ń ṣe é lára tí a ò mọ̀ ni?"

Mo ní kó fi bọ́tìnnì oníbàárà mi sílẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn nígbà tí ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹlẹ́ẹ̀kẹta pé. Ti àkọ́kọ́ àti ti ìkejì, ilé ìyá ọkọ ni ọmọ àbúrò mi ṣì wà, Ìyá Yìnyín kò sí níbẹ̀, Ọlọ́run sì ṣe é. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú gbogbo wa ló ṣe. Ọmọ àbúrò mi gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀, kò pẹ́ tó fi padà dé, wọ́n ti gún un nítan ọ̀tún àti tòsì. Ó fi ọmọ lé mi lẹ́sẹ̀ kó lè bọ́ bàtà, ó sì ń ròyìn ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì fún mi bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ilé ìwé.

"Ó ní ara ẹ̀ lè gbóná láti ìrọ̀lẹ́ òní, Ìyá Àgbà. Ó lè wọ méjìdínlógójì, ó sì lè lé díẹ̀. Tí ò bá ṣáà ti tó mọ́kàndínlógójì, tó ń mu ọmú, tó ń la ojú wò wá dáadáa, ká má jáyà. Ọjọ́ kan, tó bá pọ̀ tán ọjọ́ méjì, á lọ. Ó ní ara ọmọ ló ń kọ́ ìjà."

"Tó bá wá kọjá bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"Tó bá tó mọ́kàndínlógójì, tàbí tó bá ju ọjọ́ méjì lọ, ká gbé e wá. Tí ò bá mu ọmú, tá a bá jí i tí ò jí, tí mímí bá nira fún un, tí gìrì bá mú un, tàbí tó bá ń ké ṣáá fún wákàtí mẹ́ta láìdákẹ́, ká má dúró wo nọ́ńbà kankan, ká sáré wá. Bó ṣe ṣe náà nìyí nígbà tó kọjá, ọjọ́ kejì ló lọ."

Ó fa tẹmọ́mítà kan yọ nínú báàgì, tín-ín-rín báyìí, èyí tí wọ́n ń fi sí abíyá tó sì máa ń ké pí-pí tó bá ti ka iye rẹ̀ tán. Mo ní kó tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Mo mọ ẹni tó ń bọ̀ nílé.

Ẹni náà dé ní ìrọ̀lẹ́. Ó ń ti yàrá yìnyín bọ̀, ìpẹ́ ẹja ṣì wà létí aṣọ rẹ̀. Kò yà sọ́dọ̀ mi. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, mo gbọ́ tó ń pe ọmọ náà ní "ọkọ mi", lẹ́yìn náà mo gbọ́ igbe ọmọ àti igbe Ìyá Yìnyín pọ̀.

"Yéè! Iná nìyí o! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí!"

Kí n tó débẹ̀, àna rẹ̀ ti gba ẹ̀yìn wọlé láti ṣọ́ọ̀bù, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó na ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lọ́rùn.

"Mọ́mì, ara ẹ̀ tutù. Kò sí nǹkan tó ń ṣe é."

"Tutù ké? Ṣé ọwọ́ rẹ ti kú ni?"

"Ọwọ́ mi ò kú, Mọ́mì. Ara ẹ̀ tutù."

"Ọmọ ń jó, o ní ó tutù! Ṣé èmi tí mo wo ọmọ dàgbà ni ò mọ ara gbígbóná?"

Ẹnì kan ní iná, ẹnì kejì ní omi, lórí ọrùn kan ṣoṣo. Ọmọ àbúrò mi kò dá sí wọn. Ó ki tẹmọ́mítà sábẹ́ apá ọmọ, ó di apá náà mú mọ́ ìhà rẹ̀ títí ó fi ké pí-pí. 38.1 ló kọ.

"Ó gbóná díẹ̀," ó wí. "Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ gan-an nìyẹn."

"Ṣé ẹ rí i! Mo ní ó gbóná!" Ìyá Yìnyín lọgun.

"Ẹ rí i, díẹ̀ ni!" alágbàfọ̀ náà dá a lóhùn.

Àwọn méjèèjì ló borí, kò sì sẹ́ni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Àbúrò mi jáde, a rò pé ó lọ wẹ̀. Kò pẹ́ tó fi tún wọlé, ó ru abọ́ kan tí yìnyín kún inú rẹ̀ dẹ́nu, aṣọ ìnura wà ní èjìká rẹ̀.

"Màámi, rárá," ọmọ rẹ̀ wí. "Nọ́ọ̀sì ní ká má fi omi tútù kàn án lára. Á máa gbọ̀n ni, ìgbọ̀n á sì tún mú ara ẹ̀ gbóná sí i. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti ọmú, ìyẹn náà ló ní ká fún un. Bí ara bá ni í lára jù, a ní páràsítámọ́ọ̀lù olómi tí wọ́n wọn fún bó ṣe tẹ̀wọ̀n tó."

"Yìnyín ló ń gbé mi jẹun láti ọjọ́ yìí, ṣé yìnyín ló wá fẹ́ pa ọmọ mi?"

Mo gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Yìnyín náà kò ṣòfò o. Mo da omi sí i, mo mu ún. Inú bí i sí mi débi pé kò bá mi sọ̀rọ̀ títí tí a fi jẹun tán.

Ṣùgbọ́n kò jókòó jẹun. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Á lọ dé ẹnu ọ̀nà, á padà. Á gbé ìgbálẹ̀, á gbé e sílẹ̀. Á yọ́ wọ yàrá ọmọ, á fọwọ́ kàn án, ọmọ á ta kìjí, á ké; igbe náà á sì tún dà bí ẹ̀rí lójú rẹ̀ pé ìrora ń pa á. Alágbàfọ̀ náà á wọlé, á fọwọ́ kàn án, á ní ó tutù. Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Èmi fúnra mi rán ìṣẹ́tí aṣọ oníbàárà kan sódì nírọ̀lẹ́ yẹn, mo ní láti tú u.

Nígbà tó yá ó dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé àyà.

"Mo sọ ọ́ kí gbogbo yín gbọ́. Tí ọmọ yìí bá gba èyí já, kò ní gba abẹ́rẹ́ mìíràn mọ́. Bí mo bá wà láàyè, wọn ò ní gún un mọ́."

Abẹ́rẹ́ tó kàn, ti oṣù mẹ́sàn-án, ni ó ń sọ. Ọmọ rẹ̀ wò ó. Ó wọlé, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Yìnyín lọ síbi iṣẹ́ bó ṣe máa ń lọ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ nìkan ló lọ. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó fi ẹja ńlá sínú ọ̀rá ẹni tó ra kékeré, ó sì bá oníbàárà tó fẹ́ dá a padà jà. Kó tó di pé oòrùn le tán, ó ti padà dé. Ó ní kọ́kọ́rọ́ lòun wá mú. Ọmọ àbúrò mi ti fún ọmọ lọ́mú, ó ti tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó wà nílé ìwẹ̀. Èmi ń wọn èjìká obìnrin kan tí kò lè dúró jẹ́ẹ́.

Àfi bí mo ṣe rí àbúrò mi tó ń bọ̀ láti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti pọn ọmọ. Ìró tó nípọn jù lọ nínú ilé ló fi pọ̀n ọ́n, ó tún fi aṣọ ìnura bò ó lórí, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ẹ má dá mi dúró, Ẹ̀gbọ́n mi. Ó ju tàná lọ. Ọmọ yìí ń jó mọ́ mi lẹ́yìn."

"Ìyá ẹ̀ mọ̀?"

"Àgbà ò ní í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́!"

Ó ti bọ́ sójú títì. Mo fi oníbàárà sílẹ̀ tòun ti èjìká rẹ̀, mo tẹ̀ lé e, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn mi. Ẹ̀yìn wa ni mo ti gbọ́ igbe ọmọ àbúrò mi. Ó ti ilé ìwẹ̀ jáde, ó bá orí bẹ́ẹ̀dì lófìfo. Mi ò ní gbàgbé igbe yẹn bọ̀rọ̀. Ó sáré bá wa lójú ọ̀nà, sílípáàsì ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ yàtọ̀ sí tòsì, omi ṣì ń kán nírun rẹ̀, tẹmọ́mítà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màámi! Ẹ gbé e fún mi!"

Màámi kò dúró. Oòrùn ti ń ta èèyàn. Bó ṣe ń lọ ló ń na ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń fi í wá ẹsẹ̀ ọmọ nínú ìró, ó sì wá ibi tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ bá. Ọmọ náà ké tó fi dún dé òdìkejì títì.

"Ẹ gbọ́! Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ké!" Ẹkún ti wà lóhùn òun náà. "Mo jókòó ti èkíní. Mi ò ní jókòó ti èyí."

Nígbà tó wí bẹ́ẹ̀, gbogbo èébú tí mo ti tò sẹ́nu ló gbẹ.

Ilé ìwòsàn náà kò jìnnà, òpópónà méjì péré ni. Àwọn ìyá ọmọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n gbé ọmọ lẹ́sẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà, obìnrin kúkúrú kan tí kì í gbé ohùn sókè, wò wá lẹ́ẹ̀kan, ó sì gba ọmọ. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ká aṣọ ìnura kúrò lórí ọmọ, ó tú ìró, ó bọ́ ẹ̀wù òkè, ó ku pátá ìtẹ́dìí nìkan. Ó fi tẹmọ́mítà sí i lábíyá. 38.7.

"Mo wí!" ni Ìyá Yìnyín sọ.

"Ẹ jókòó, Ìyá. Oòrùn àti ìró yìí ti dá kún un. Ẹ jẹ́ kó sinmi ná."

Ó wo bí àyà ọmọ ṣe ń mí. Ó tẹ ikùn rẹ̀. Ó wo itan méjèèjì, ó ní ibi tó pọ́n tó sì le díẹ̀ yẹn kì í ṣe nǹkan tuntun, pé líle náà tiẹ̀ lè pẹ́ ju ibà lọ. Ó gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀ pé kó fún un lọ́mú, ọmọ náà sì gbá ọmú mú, ó ń fà á débi pé gbogbo bẹ́ǹṣì ń gbọ́. Lẹ́yìn tó sinmi dáadáa, wọ́n tún wọ̀n ọ́n. 38.2.

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyí," nọ́ọ̀sì wí. "Àná la gún un. Tó bá fi máa di ọ̀la, ó yẹ kó ti lọ. Bí kò bá lọ, ẹ padà wá, mo wà níbí."

Ìgbà náà ni ọmọ àbúrò mi wá yíjú sí ìyá rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, ìyẹn ló sì burú níbẹ̀.

"Màámi, láti òní lọ, ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé ọmọ mi mọ́."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo fẹ́ bá ọmọ náà wí, mo rántí igbe tó ké nígbà tó bá bẹ́ẹ̀dì lófìfo, mo bá ń ká téèpù ọrùn mi. Inú ń bí mi sí àwọn méjèèjì, àánú àwọn méjèèjì sì ń ṣe mí.

Nọ́ọ̀sì fẹ́ pẹ̀tù sí i. Ó di ọwọ́ Ìyá Yìnyín mú kó lè fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀, ló bá fa ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn wéré.

"Ìyá, kí lẹ fi ọwọ́ yìí ṣe?"

"Ẹja dídì ni mò ń tà. Ó ti pẹ́. Kì í gbóná bọ̀rọ̀ mọ́."

Nọ́ọ̀sì dúró. Ó wo ọmọ, ó wo ọwọ́ náà. Ó tú kọ́là ẹ̀wù rẹ̀, ó fa ọrùn sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kàn mí níbí."

Àbúrò mi fọwọ́ kàn án. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Nọ́ọ̀sì! Ibà ń ṣe ọ́! O wá ń ṣiṣẹ́? Tìẹ ò kéré sí tọmọ yìí!"

Gbogbo bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Ó nu tẹmọ́mítà, ó fi í sábíyá ara rẹ̀, a sì dúró dè é títí ó fi ké. 36.6. Ó gbé e sí iwájú àbúrò mi kó lè rí i.

"Ara mi ò gbóná, Ìyá. Ọwọ́ yín ló tutù. Ẹni yòówù tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ yẹn kàn, á gbóná lọ́wọ́ yín."

"Rárá o," ni àbúrò mi wí. Ó fọwọ́ kàn mí lọ́rùn. Ó fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ lọ́rùn. Ó fọwọ́ kan obìnrin tó jókòó tì í, ẹni tí kò mọ̀ rí, ó tún kan ẹni tó tẹ̀ lé e, ìyẹn sì na ọrùn fún un tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó wá jókòó. Ẹ̀rín orí bẹ́ǹṣì rọ díẹ̀díẹ̀, ó tán.

"Gbogbo yín lẹ gbóná," ó wí.

Ọmọ rẹ̀ ń wò ó. "Màámi, ṣé gbogbo oògùn tí mo mu ní kékeré…"

"Gbogbo àárọ̀," àbúrò mi wí. Kò dà bí ẹni pé ó ń bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. "Gbogbo àárọ̀ tí mo bá fọwọ́ kàn ọ́, mo máa ń rò pé o ti fẹ́ tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ. Mi ò sùn dáadáa títí o fi lọ ilé ọkọ. Àṣé yìnyín ni."

Nọ́ọ̀sì béèrè bóyá ẹlòmíì wà nílé tó máa ń wo ara ọmọ. Mo ní bàbá rẹ̀, alágbàfọ̀, ẹni tí kò sí ọmọ tó gbóná lójú ẹ̀. Ó mi orí.

"Tiyín ń pariwo lásán, Ìyá. Ọwọ́ tirẹ̀ tí áyọ́ọ̀nù ti mú gbóná lè gbójú fo èyí tó yẹ kó bà á lẹ́rù, ìyẹn ló léwu jù. Nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ni kẹ́ ẹ gbọ́ tirẹ̀, àti ọmọ fúnra rẹ̀: bó ṣe ń mu ọmú, bó ṣe ń wò yín. Nígbà abẹ́rẹ́ ti oṣù mẹ́sàn-án, ẹ fi sọ́kàn pé ibà tó ń tẹ̀ lé abẹ́rẹ́ èéyi kì í sábà yá dé. Ó lè tó bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí kó lé kó tó yọjú. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu."

A padà sílé. Ọmọ àbúrò mi ló gbé ọmọ, èmi wà láàárín, àbúrò mi ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ká ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ apá bí ẹni tó jí nǹkan.

Nírọ̀lẹ́ yẹn kò kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá tirẹ̀. Ara rẹ̀ kò sì balẹ̀. Ṣé torí nọ́ọ̀sì ní kò séwu ni ọkàn rẹ̀ á ṣe balẹ̀? Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Nígbà tó yá mo gbọ́ tó pariwo láti ibi tó wà:

"Mélòó?"

Ohùn ọmọ rẹ̀ dáhùn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, "Mẹ́tàdínlógójì lé díẹ̀, Màámi."

"Díẹ̀ báwo?"

"37.9."

"Ó ń mu ọmú?"

"Ó ń mu ún."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, gbólóhùn gbólóhùn, èmi sì wà láàárín wọn lẹ́nu ẹ̀rọ mi. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n yé ṣe bí ọmọdé. Mi ò sọ ọ́, torí lẹ́yìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan mo máa ń gbọ́ tó mí kanlẹ̀.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, fún ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lè rántí, Ìyá Yìnyín kò lọ síbi iṣẹ́. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ti wẹ̀, ó ti múra.

"Mélòó?"

"36.8, Màámi." Ohùn ọmọ náà yàtọ̀. "Ó ti lọ."

Àbúrò mi kò pariwo, kò jó. Ó kàn jókòó, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni alágbàfọ̀ ti gba ẹ̀yìn wọlé. Mi ò mọ ohun tí òun àti ìyàwó rẹ̀ bá ara wọn sọ mọ́jú. Ó gbé aṣọ ìnura kan dání, ó ṣẹ́ ẹ bí ìwé, èéfín áyọ́ọ̀nù ṣì ń tara rẹ̀ jáde díẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fi lé ìyá ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́.

"Mọ́mì, ẹ dì í mú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ ọ́ ni. Tó bá ti ń jó yín, ẹ rọra."

Ó dì í mú. Ó fi di ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń wé ọgbẹ́, ó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tú u, ó dìde, ó wá sọ́dọ̀ mi, ó gbé ọwọ́ lé mi lọ́rùn. Ọwọ́ náà lọ́wọ́ọ́wọ́. Mo ti gbàgbé pé ọwọ́ rẹ̀ lè rí bẹ́ẹ̀. Bó ṣe rí nígbà tá a ṣì kéré tá a jọ ń sùn lórí ẹní kan nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó wí, "ara yín ò gbóná."

"Ẹ ṣé o, dókítà," mo dá a lóhùn.

Ilẹ̀kùn ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣí. Ọmọ àbúrò mi jáde, ó gbé ọmọ mọ́ àyà, ó sì dúró níwájú ìyá rẹ̀. Kò tọrọ àforíjì, ìyá rẹ̀ náà kò sì tọrọ. Ó kàn na ọmọ sí i.

"Ẹ gbé e, Màámi."

Àbúrò mi rọra gbé ọwọ́ lé ọrùn ọmọ náà. Gbogbo wa ń retí pé kó ta kìjí. Kò ta kìjí. Ó yí ojú sí ọwọ́ náà, ó tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ ọn, ó sì ń wo ìyá àgbà rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn án. Àbúrò mi gbé e, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń pè é ní ọkọ rẹ̀, ó sì ń bi ọmọ rẹ̀ léèrè ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́sàn-án máa bọ́ sí, pé òun náà á bá wọn lọ.

Ìgbà tó yá, ó dúró lójijì. Ó gbé ọwọ́ kan lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Ó ti mọ̀ pé ọwọ́ náà ti ń tutù padà. Kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ara, ó ti dá a padà fún ìyá rẹ̀, ó mú aṣọ ìnura náà, ó sì gba ẹ̀yìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ pé kó bá òun lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.